Kí ẹ tó máa yí ọ̀rọ̀ padà nítorí nọ́ńbà Turnitin: bí a ṣe ń yọ ìwé ìtọ́kasí àti àyọlò kúrò, àti ìgbà tó tọ́ láti yọ wọ́n

Bí iṣẹ́ yín bá ti inú Turnitin, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọ ti ẹlòmíràn, jáde pẹ̀lú ìjọra 34%, ẹ má tíì fọwọ́ kan gbólóhùn kankan. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti bá wọn ka ìjábọ̀ wọn, ohun kan náà ni mo máa ń rí: bí nọ́ńbà bá ti pọ̀, ibi tí àwọ̀ bá ti kún jù ni wọ́n á kọ́kọ́ sáré lọ, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ àyọlò tàbí ìwé ìtọ́kasí. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ padà. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà tí míṣọ́nárì kan kọ ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, tó sì fi àmì àyọlò sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti rí ẹni tó gé orúkọ ìwé kúrú nínú ìwé ìtọ́kasí. Nọ́ńbà wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní àbùkù tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ tó ń purọ́ mọ́ òkú, tó sì ń darí òǹkàwé sí ìwé tí kò sí.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ju kíkà lọ. Ó ń wo ọ̀rọ̀ yín, ó ń fi wọ́n wé ohun tó wà ní ìpamọ́ rẹ̀: àwọn ojú-ìwé orí ẹ̀rọ ayélujára, ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé, àti iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti fi ránṣẹ́ rí. Iye ọ̀rọ̀ tó bá jọra ló ń sọ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò mọ̀ bóyá ẹ jí i tàbí ẹ tọ́ka sí ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń ka ìjábọ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn, asẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyẹn bọ́tìnì tó ń yọ irú ìjọra kan kúrò nínú kíkà náà, sì wà láti ran òǹkàwé náà lọ́wọ́ láti rí ohun tó yẹ kó wò.

Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí a ó máa tẹ̀ lé títí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn kọ pírójẹ́ẹ̀tì lórí ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìyẹn Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ 12,000 ọ̀rọ̀. Ìjábọ̀ ní 34%, ìyẹn 4,080 ọ̀rọ̀ ló jọ ohun tó wà níbòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìjábọ̀ náà láìlo asẹ́ kankan

Ní Feedback Studio, ìyẹn ojú tí Turnitin ti ń fi ìjábọ̀ hàn, àmì asẹ́ kan wà ní apá ọ̀tún, `Filters and Settings` ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí `Exclude Quotes` àti `Exclude Bibliography`. Bí ilé-ìwé yín bá ń lo ojú tuntun, àwọn bọ́tìnì náà lè wà níbòmíràn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò jìnnà sí èyí. Ẹ rí i dájú pé kò sí èyí tí a ti tẹ̀, nítorí olùkọ́ lè ti yàn wọ́n nígbà tó ń ṣí àyè tí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá ti wà ní títẹ̀, 34% tí ẹ ń wò kì í ṣe gbogbo ìjọra tó wà níbẹ̀, ìyẹn sì yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà pátápátá.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìjábọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tẹ asẹ́ kankan, ẹ fi ojú ara yín pín ìjọra náà sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tó wà nínú ìwé ìtọ́kasí, èyí tó wà nínú àyọlò, àwọn gbólóhùn péépèèpé tó jẹ́ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, àti èyí tó ṣẹ́kù. Bí mo bá ṣe é fún pírójẹ́ẹ̀tì wa, báyìí ló rí: ìwé ìtọ́kasí ní 1,320 ọ̀rọ̀, àyọlò ní 1,560, àwọn péépèèpé ní 480, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ 720. Ní ìdá, 11, 13, 4 àti 6 nìyẹn nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ fi ọkàn sí 720 yẹn. A ó padà wá bá a.

Ìwé ìtọ́kasí: ẹ wò ó kí ẹ tó yọ ọ́

Ìdí tí ìwé ìtọ́kasí fi máa ń jọra kò ṣòro. Orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ìlú àti ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé: kò sí ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ wọ́n ní ìlànà kan náà. Gbogbo ẹni tó bá ti tọ́ka sí ìwé kan náà ló ti kọ ìlà kan náà. Nítorí náà, ìwé ìtọ́kasí tó kún fún àwọ̀ jẹ́ àmì pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Yíyọ ọ́ kúrò tọ́ nínú iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ẹ kò ní rí mọ́ bí ẹ bá ti tètè yọ ọ́.

Èkínní ni ìwé ìtọ́kasí tí a gbé wá láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Nínú ìwé ìtọ́kasí tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kó jọ, àwọ̀ máa ń yí padà láti ìlà dé ìlà: ìlà yìí bá orísun 4 mu, èyí tó tẹ̀ lé e bá orísun 17 mu, òmíràn bá orísun 9. Bí ẹ bá wá rí ìlà mẹ́wàá tàbí méjìlá tó tò tẹ̀ léra, tí gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ kan, nọ́ńbà orísun kan, ẹ dúró. Ìtò ábídí lásán kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán, nítorí ó ṣòro kí ènìyàn méjì ka ìwé méjìlá kan náà láìsí ìwé kẹtàlá láàárín wọn. Ohun tó ń fi í hàn gan-an ni àṣìṣe: bí ọdún tí kò tọ̀nà nínú iṣẹ́ àtijọ́ bá tún jẹ́ ọdún tí kò tọ̀nà nínú iṣẹ́ tuntun, a ti mọ̀ pé ìwé náà kò dé ọwọ́ ẹni tó tọ́ka sí i. Ẹ padà sínú orí iṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá àwọn ìwé náà fara hàn níbẹ̀ rárá.

Èkejì ni ìlà tí kò bá ohunkóhun mu. Ó lè jẹ́ ìwé àtijọ́, tàbí ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn tí kò dé orí ẹ̀rọ ayélujára, tàbí fáìlì ilé àkójọpọ̀ ìwé ìtàn. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àròkọ inú ìwé ìròyìn ọ̀mọ̀wé tó gbajúmọ̀, tí ẹlòmíràn kò sì kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, ẹ wá a. Ó lè jẹ́ pé a ṣi orúkọ kọ, ó sì lè jẹ́ pé kò sí irú àròkọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti wo méjèèjì, ẹ tẹ `Exclude Bibliography`. Pírójẹ́ẹ̀tì wa bọ́ sí nǹkan bí 23%. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí ìparí iṣẹ́ kí ẹ fojú rí ibi tí asẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dúró, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń ṣìṣe. Ohun tó ń wá ni àkọlé bíi `References`, `Bibliography` tàbí `Works Cited`, tó dá dúró lórí ìlà tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ àkọlé náà pọ̀ mọ́ gbólóhùn mìíràn, tàbí tí ẹ fi gbogbo ìwé ìtọ́kasí sínú tébù, ó lè má rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kọ iṣẹ́ yín, tí àkọlé yín sì jẹ́ Ìwé Ìtọ́kasí, ẹ má gbọ́kàn lé asẹ́ náà láìdán an wò. Bí nọ́ńbà kò bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí àwọ̀ sì ṣì wà lórí àwọn ìlà yẹn, kò rí àkọlé yín nìyẹn. Ẹ má torí ìyẹn yí àkọlé yín sí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀ka yín kò bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ka ọ̀rọ̀ tó jọra níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àṣìṣe òdìkejì léwu ju èyí lọ. Bí ìwé ìtọ́kasí bá wà ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, tàbí tí àfikún bá tẹ̀ lé e, asẹ́ lè gbé lára iṣẹ́ gidi mọ́ ọn. Ẹ wo ojú-ìwé tó tẹ̀ lé ìwé ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé ìjọra tí ẹ rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà. Bí ó bá ti pòórá, asẹ́ ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìtàn tí ẹ ń kọ ìtọ́kasí sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé, ẹ rántí pé àkọlé ni asẹ́ yìí ń wá. Ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kò ní àkọlé, nítorí náà àwọ̀ orí wọn lè ṣẹ́kù. Ẹ kà wọ́n mọ́ ìwé ìtọ́kasí nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ pín in.

Ìgbà wo ni kò tọ́ láti yọ ìwé ìtọ́kasí? Nígbà tó bá jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kí a ṣe, bí ìwé ìtọ́kasí tí a kọ àlàyé sábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Àlàyé wọ̀nyẹn wà lábẹ́ àkọlé náà, asẹ́ sì lè gbé wọn lọ tòun ti àwọn ìlà ìtọ́kasí, bẹ́ẹ̀ inú wọn ni ènìyàn ti sábà máa ń da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kọ.

Àyọlò: àmì ni asẹ́ gbà gbọ́

Ibí yìí ni mo ti ń rọra ṣe. Asẹ́ àyọlò kò mọ àyọlò, àmì ló mọ̀. Ohunkóhun tó bá wà láàárín àmì àyọlò oníméjì, “ ”, yóò yọ ọ́, yálà ẹ tọ́ka sí ẹni tó ni ín tàbí ẹ kò tọ́ka. Kì í ka àmì ẹlẹ́yọ kan, ‘ ’, sí àyọlò, nítorí àmì yẹn náà ni a fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ láti fi àmì ẹlẹ́yọ kan kọ àyọlò ní ìlànà àwọn ará Bìrìtìkó, èyí sì ni ìdí tí asẹ́ fi ń dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ fún wọn. Bí ìlànà ẹ̀ka yín bá gbà á, ẹ lo oníméjì.

Àyọlò gígùn tí a sún wọlé láìfi àmì sí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá fi fáìlì Word, ìyẹn `.docx`, ránṣẹ́, tí ẹ sì sún gbogbo ìpínrọ̀ náà wọlé bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Bí ó bá jẹ́ PDF, ẹ má retí rẹ̀. Ẹni tó ní àyọlò gígùn púpọ̀, tó sì fi PDF ránṣẹ́, yóò tẹ asẹ́ náà títí, nọ́ńbà kò ní mì. Kí ó tó gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ pa irú fáìlì náà dà.

Àmọ́ ṣá o, ẹ ka àyọlò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ `Exclude Quotes`. Nínú 1,560 ọ̀rọ̀ àyọlò pírójẹ́ẹ̀tì wa, 900 jẹ́ lẹ́tà àwọn míṣọ́nárì àti ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí ni ìwọ̀nyí jẹ́ fún òpìtàn, bí kò bá gbé wọn jáde bí wọ́n ṣe wà, kí ló fẹ́ fi jiyàn? Kò sí ohun tó tọ́ ju kí a yọ wọ́n lọ.

Ó ku 660. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. 450 wà nínú orí tí a ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn aṣáájú wò, àyọlò ń tẹ̀ lé àyọlò, kò sì sí ju gbólóhùn kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi so wọ́n pọ̀. Kò jí ohunkóhun, ó tọ́ka sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tirẹ̀, asẹ́ yóò sì fi orí náà hàn bíi pé ó mọ́ tónítóní. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n mú méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ inú wọn ṣe pàtàkì, kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ èrò tó kù, kí ìtọ́kasí sì dúró síbẹ̀.

210 tó kẹ́yìn wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Àmì àyọlò wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wà ní ìparí, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ, kò sí ọdún, kò sí ojú-ìwé. Bí ẹ bá ti tẹ asẹ́ kí ẹ tó kà á, ẹ kò ní rí i mọ́. Irú èyí ni ìgbìmọ̀ máa ń rí lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu, nítorí ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń kà á.

Ohun kan tún wà tí ìjábọ̀ lè fi hàn yín nínú àyọlò. Ẹ wo orísun tó bá lẹ́tà náà mu. Bí ìtọ́kasí yín bá sọ pé ilé àkójọpọ̀ ìwé ni ẹ ti rí lẹ́tà yẹn, ṣùgbọ́n tí ìjábọ̀ ń sọ pé ó bá àròkọ kan mu láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, títí kan ibi tí òǹkọ̀wé àròkọ náà ti fo ọ̀rọ̀ tó sì fi àmì tó mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, inú àròkọ yẹn ni ẹ ti mú un. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni báyìí ló yọ ọ́ lò.

Ìgbà tó tọ́ láti yọ àyọlò nìyí, lójú tèmi: nínú iṣẹ́ ìtàn, lítíréṣọ̀, òfin àti ẹ̀kọ́ ìsìn, níbi tí ọ̀rọ̀ tí a yọ lò ti jẹ́ ẹ̀rí tí a ń yẹ̀ wò, lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti kà wọ́n tán. Nínú iṣẹ́ bíi kẹ́místírì tàbí ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, àyọlò kì í pọ̀. Bí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ láti 28 sí 12 nígbà tí ẹ yọ àyọlò nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àyọlò yẹn gan-an ni ìbéèrè.

Lẹ́yìn asẹ́ yìí, pírójẹ́ẹ̀tì wa dé 10%. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yóò gbé jáde lè fi ìdá kan tàbí méjì yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fọwọ́ ṣírò, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú.

Àwọn péépèèpé: ẹ fi iye ọ̀rọ̀ ṣe é, ẹ má fi ìdá ṣe é

Orúkọ ìwé ìròyìn Townsend nìkan jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tó bá fara hàn ló lè bá ẹlòmíràn mu. Fún irú èyí, a lè ní kí ẹ̀rọ fojú fo ìjọra tó kéré, ó sì ń bi yín bóyá iye ọ̀rọ̀ tàbí ìdá ni ẹ fẹ́. Ẹ yan iye ọ̀rọ̀. Mo máa ń dúró sí 10.

Ìdí tí mo fi ń sá fún ìdá rèé: 1% dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ 60,000 ọ̀rọ̀, 600 ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó kó 500 ọ̀rọ̀ láti inú orísun ogún ti kó 10,000 ọ̀rọ̀, asẹ́ 1% yóò sì fi gbogbo wọn pa mọ́. Nínú pírójẹ́ẹ̀tì wa, 1% jẹ́ 120 ọ̀rọ̀.

Ibí ni 720 tí mo ní kí ẹ fi ọkàn sí ti wọlé. Orísun mẹ́ta ni ó ti wá, kò sí àmì àyọlò, kò sì sí ìtọ́kasí: 410 ọ̀rọ̀ láti ojú-ìwé kan, 200 láti òmíràn, 110 láti ẹ̀kẹta. Bí a bá fi asẹ́ 1% sí i, 110 yẹn yóò pòórá. Bí a bá sì fi iye ọ̀rọ̀ 10 ṣe é, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dúró síbẹ̀, ìjábọ̀ yóò sì bọ́ sí 6%. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tó burú nínú iṣẹ́ yìí kò ju 6% yìí lọ, àti 210 inú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí asẹ́ àyọlò ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí òdiwọ̀n ilé-ìwé bá jẹ́ 20%, ẹni tó ń wo nọ́ńbà nìkan yóò dá 34% padà, yóò sì gba 6% wọlé, yóò ṣìṣe nígbà méjèèjì.

Ẹ kọ asẹ́ tí ẹ lò mọ́ nọ́ńbà náà

Nọ́ńbà tí a kò sọ asẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi wé òmíràn. Ẹ̀ka tó bá ní òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ asẹ́ tó ń lò fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kó má jẹ́ pé alábòójútó kan ń yọ àyọlò, èkejì kò yọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí alábòójútó yín, báyìí ni ẹ lè kọ ọ́:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láìsí asẹ́, 34%. Nígbà tí mo yọ ìwé ìtọ́kasí, 23%. Nígbà tí mo yọ àyọlò mọ́ ọn, 10%. Nígbà tí mo yọ ìjọra tí kò tó ọ̀rọ̀ 10, 6%. Mo ti ka gbogbo àyọlò, mo rí ọ̀kan ní ojú-ìwé 3 tí kò ní ìtọ́kasí, mo sì rí ibi mẹ́ta ní orí kejì tí mo gbọ́dọ̀ tún kọ. Ìjábọ̀ tí kò ní asẹ́ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.”

Ẹ fi ìjábọ̀ tí kò ní asẹ́ ránṣẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe pọ̀ kí ẹ tó tún iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́. Níbi tí olùkọ́ bá ti gba àtúnfiránṣẹ́ láyè, ìjábọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń tètè jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di wákàtí 24 kí òmíràn tó jáde, ẹni tí ọjọ́ ìfiwésílẹ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ ọ̀la kò ní wákàtí yẹn. Bó bá jẹ́ àyè mìíràn ni ẹ fẹ́ fi í sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àyè àkọ́kọ́ ń pa iṣẹ́ mọ́, nítorí bí ó bá ti pa á mọ́, iṣẹ́ ti ara yín ni ìjábọ̀ tuntun yóò máa bá mu.